Fọ́tò Ẹran Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀

Màmá mi kì í gbóòórùn. Kì í ṣe pé wọ́n bí wọn bẹ́ẹ̀. Àìsàn kan ló dá wọn dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí ó lọ, ó fi ojú sílẹ̀ fún wọn, ó fi etí sílẹ̀, ó sì mú imú lọ. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ mọ̀, gáàsì ń jò nínú ilé ìdáná wa ní Karu, àwọn sì dúró tì í, ìṣáná wà lọ́wọ́ wọn. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti kígbe. Wọ́n yíjú wò mí, wọ́n ní, "Kí ló dé? Ta ló kú?"

Èèyàn lè má gbóòórùn kó sì máa bá ayé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oúnjẹ ni màmá mi ń ṣe. Àwọn ni wọ́n ń se oúnjẹ ọ̀sán fún ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé kan tí kò jìnnà sí ilé wa. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, iṣẹ́ yẹn ló ń gbé wọn dìde lórí ibùsùn. Ní ọdún tí bàbá kú, mo rí wọn tí wọ́n jókòó sórí àga kan náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí aṣọ àná ṣì wà lọ́rùn wọn. Lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ yẹn gbà wọ́n ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin bí wọ́n bá ń wẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé imú wọn ti kú, mi ò jiyàn.

"Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á ní kí n máa lọ sílé," ni wọ́n wí. "Kí ni mo fẹ́ máa ṣe nílé?"

Ìrẹsì kò ní wàhálà, ẹ̀wà kò ní wàhálà. Ẹran ni ìṣòro. Ọkọ̀ kan máa ń gbé e wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti ilé ẹran dídì kan: ẹran màlúù tí wọ́n ti gé, tí wọ́n tò sínú àwo funfun pẹlẹbẹ, tí wọ́n fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò lórí. Tẹ́lẹ̀, màmá mi á kàn ya ọ̀rá díẹ̀, wọ́n á fimú kàn án, ó parí. Ní báyìí, wọ́n ní, "Ìwọ lo ní ojú, ọmọ mi. Máa bá mi wò ó." Inú ìlú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń ṣe ètò orí fóònù fún àwọn àjọ tó ń ran aláìní lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ ẹran bá ti dé, fọ́tò á wọlé sórí fóònù mi, ohùn wọn á sì tẹ̀lé e: "Ó dára àbí kò dára?"

Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹran. Mo lọ bá bàbá alápatà kan tó jẹ́ Hausa nínú ọjà Karu, ẹni tó ti mọ̀ wá láti ìgbà tí mo ti wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ti gbé Ìbàdàn rí, ó sì ń sọ Yorùbá tó já gaara. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo fẹ́, ó rẹ́rìn-ín.

"Kai! Fọ́tò kì í rùn."

"Mo mọ̀, bàbá. Ohun tí ojú lè rí náà ni kí ẹ kọ́ mi."

Ó gé ẹran kan sí méjì níwájú mi. Inú rẹ̀ dúdú díẹ̀, bí àwọ̀ ẹ̀dọ̀. Ó ní kí n dúró. Nígbà tí ó fi dá àwọn oníbàárà bíi mẹ́rin lóhùn, ibi tí ó gé náà ti pupa yòò. "Ṣé o rí i? Afẹ́fẹ́ ló sọ ọ́ di pupa. Ẹran tí wọ́n dì pa mọ́ra máa ń dúdú, kò túmọ̀ sí pé ó ti bàjẹ́. Bí ó bá pẹ́ níta, á tún máa pọ́n bí ilẹ̀. Ìyẹn nìkan kò sọ pé ó bàjẹ́, àmọ́ á ní kí o la ojú rẹ. Èyí tó ń ní àwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ ewé, tí ọ̀rá ara rẹ̀ náà ti ń pọ́n, má bá a ṣeré." Ó fi ìka tẹ ẹran náà, ojú ibẹ̀ sì padà sókè. Ó ní ẹran tó dára máa ń tutù lára, kì í yọ̀. Bí ó bá ń dán bíi pé wọ́n fi ilá pa á lára, tó sì ń fà bí o bá gbé ìka kúrò, kí n jù ú nù. Ó ní omi pupa díẹ̀ tó bá wà nísàlẹ̀ àwo kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, omi ara ẹran ni, kò sì burú. Ṣùgbọ́n bí omi náà bá pọ̀ rẹpẹtẹ, ó ṣeé ṣe kí ẹran ti dì, kó yọ́, kó tún dì. Bí omi bá sì ti dàrú bí omi ìfọṣọ, tí ọ̀rá tó bò ó sì wú sókè, kòkòrò ti ń jẹun níbẹ̀ ṣáájú wa.

Mo fi ẹ̀kọ́ yìí ṣe òfin fún màmá mi. Ẹ má ya fọ́tò nínú ilé ìdáná, iná ibẹ̀ ń pọ́n. Ẹ gbé e jáde sí ojúmọmọ. Ẹ fi ìwé funfun kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí n lè mọ̀ bóyá fóònù ń purọ́ àwọ̀ fún mi. Ẹ dẹ àwo náà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n rí omi rẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, bí ó bá ń yọ̀, ẹ sọ fún mi. Wọ́n ń ṣe é lẹ́sẹẹsẹ bí ọmọ ilé ìwé. Fún oṣù mẹ́jọ, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun kan ṣẹlẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, wọ́n fi fọ́tò ẹran kan ránṣẹ́ tí wọ́n dì mọ́ inú ọ̀rá láìsí afẹ́fẹ́ rárá. Ó dúdú. Mo gbàgbé ohun tí alápatà sọ, mo ní kí wọ́n má sè é. Àwọn ọmọ jẹ ìrẹsì láìsí ẹran lọ́jọ́ náà. Alákòóso ilé ẹ̀kọ́, obìnrin kan tó ṣe jẹ́jẹ́ ṣùgbọ́n tí kì í gbàgbé nǹkan, ya ọ̀rá náà, ó fimú kàn án, ó ní, "Màmá, ẹran yìí kò ṣe nǹkan kan. Kí lẹ rí lára rẹ̀?" Nígbà tí màmá mi délé, wọn ò bá mi jà, wọ́n kàn sọ pé, "Ọmọ mi, bí o bá tún ṣe mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, obìnrin yẹn á mọ̀." Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ mi ti ń wúwo láti kọ ẹran. Mo ń wá ìdí láti sọ pé ó dára.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, kò sí iná ní agbègbè wa fún ọjọ́ méjì, títí dé ilé ẹran dídì náà. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, òjò ń rọ̀. Ìpàdé ńlá kan wà níbi iṣẹ́ wa, àwọn àlejò jókòó, ọ̀gá mi ń sọ̀rọ̀. Fóònù mi gbọ̀n lórí itan mi. Mo yọ́ ọ wò lábẹ́ tábìlì. Ẹran náà pupa, ó pupa dáadáa. Ìwé funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tẹ "Ó dára, Ma," mo sì gbé ojú mi sókè kí ọ̀gá mi tó wò mí. Bóyá gbogbo rẹ̀ kò ju ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀mẹta.

Aago mọ́kànlá kù díẹ̀ nígbà tí ìpàdé parí. Mo lọ bu omi mu, mo sì ṣí fọ́tò náà láìronú nǹkan kan, bí èèyàn ṣe máa ń ṣí ohun tó ti wò tẹ́lẹ̀. Ìwé funfun náà kò funfun. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mo fẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ màmá mi tó wà létí fọ́tò náà pọ́n pẹ̀lú, àwo funfun pọ́n. Ní apá òkè, mo rí etí agbòòrùn ńlá pupa tí wọ́n fi ń gba àwọn ọmọ wọlé láti inú ọkọ̀ nígbà òjò. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ya fọ́tò náà kí òjò má bàa pa fóònù. Agbòòrùn ló pupa, kì í ṣe ẹran.

Mo wọ ibi tí a ti ń tún àwọ̀ fọ́tò ṣe lórí fóònù, mò ń fa pupa rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìwé náà fi funfun. Bí ìwé ṣe ń funfun ni ẹran ń di ohun mìíràn. Ó di àwọ̀ eérú. Etí kan rẹ̀ ti fẹ́ ní àwọ̀ ewé. Omi dúró sí igun àwo, ó pọ̀, kò mọ́ gaara, ó dàrú bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì. Àwọn àwo méjì tó wà lẹ́yìn, tí wọn ò tíì ṣí, ọ̀rá wọn wú bí ikùn ọmọ tí aràn ń dà láàmú.

Mo pe màmá mi. Ó dún títí, wọn ò gbé e. Bí wọ́n bá ti gbé ìkòkò kaná, orí fèrèsé ni wọ́n máa ń fi fóònù sí, ariwo àwọn ọmọ kì í sì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Mo tún pè. Mo pè lẹ́ẹ̀meje. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́: Ẹ MÁ SÈ É. Kò sí èsì. Agogo méjìlá ni oúnjẹ ọ̀sán.

Mo sá jáde láì gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo dá takisí kan dúró, mo ní kó máa gbé mi lọ sí Karu, kó má gbé èrò kankan sí i. Òjò ti dá, ṣùgbọ́n nígbà tí a dé Kugbo, níbi tí àwọn káfíńtà ti ń ṣe àga lójú ọ̀nà Karu, ọ̀nà ti dí pa. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó àga ìrọ̀gbọ̀kú ti gbé ẹ̀gbẹ́ lé ojú títì. A dúró síbẹ̀, à ń wo àwọn káfíńtà tí wọ́n ń kó àga náà kúrò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e. Nọ́ńbà alákòóso ilé ẹ̀kọ́ wà lórí fóònù mi. Màmá mi ló fún mi nítorí ọjọ́ burúkú. Mo ní in níwájú mi, àtàǹpàkò mi dúró lé e, mi ò tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá pè é, á bi mí bí mo ṣe mọ̀. Á bi mí ìdí tí ọmọ tó wà nínú ìlú fi ń yẹ ẹran wò fún ìyá tó dúró ti ẹran náà. Mo rí màmá mi lọ́kàn mi, lórí àga ọdún tí bàbá kú, pẹ̀lú aṣọ àná. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀nà á là nísinsìnyí. Mo tún ṣí fọ́tò náà wò. Mo dá pupa rẹ̀ padà, ó sì dára lójú mi. Mo mú un kúrò, ó bàjẹ́. Mo ń ṣe é bẹ́ẹ̀ bí wèrè, pupa, eérú, pupa, eérú. Mo ń bẹ Ọlọ́run kí ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Awakọ̀ wò mí nínú dígí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí wàhálà o? Ẹ̀ ń sunkún."

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá kí n tó tẹ nọ́ńbà náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ Ma, ẹ dá oúnjẹ dúró. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan jẹ ẹran yẹn. Ó ti bàjẹ́."

"Ta nìyí?"

"Ọmọ màmá tó ń se oúnjẹ ni."

"Níbo lo wà? Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Wọn kì í gbóòórùn, Ma. Ó ti pẹ́. Èmi ni mò ń bá wọn wo fọ́tò rẹ̀. Mo wò ó, mo ní ó dára. Èmi ni mo ṣì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré."

Mo gbọ́ tí bàtà rẹ̀ ń lu ilẹ̀. Mo gbọ́ tó kígbe pe àwọn olùkọ́. Lẹ́yìn náà ó sọ pé, "Àwọn ọmọ kékeré ti jẹ tiwọn. Àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bù fún."

Nígbà tí mo dé, àwọn ọmọ ńlá ti jókòó sídìí búrẹ́dì. Màmá mi dúró nídìí iná tí wọ́n ti pa, ṣíbí gígùn ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Àwo ẹran kan ṣẹ́kù tí wọn ò tíì ṣí. Mo ya ọ̀rá rẹ̀. Òórùn tó jáde lù mí ní imú, ó kan, ó rùn bí omi gọ́tà, omijé sì bọ́ lójú mi. Màmá mi ń wo ojú mi. Ojú mi ni wọ́n fi gbóòórùn ẹran náà.

"O ní ó dára," ni wọ́n wí, ohùn wọn kéré.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, Ma."

Àwọn ọmọ mọ́kànlá ló jẹ nínú ẹran náà. Kí agogo mẹ́ta tó lù, mẹ́rin ti ń bì. Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn tí a kó wọn lọ ṣàlàyé fún mi, nígbà tí mo ń tẹnu mọ́ ọn pé wọ́n sè é jinná, pé iná lè pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kò lè pa oró tí kòkòrò ti tu sílẹ̀ kó tó kú. Mẹ́ta nínú wọn padà sílé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹnì kẹrin, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ni wọ́n dá dúró. Wọ́n wá iṣan ọwọ́ rẹ̀ tì kí wọ́n tó rí ibi tí omi á gbà wọ̀ ọ́ lára. Igbe rẹ̀ gba ara ògiri jáde sí wa níta. Nígbà tó yá, kò ké mọ́. Ìyẹn tún burú jù.

Màmá mi dìde lórí bẹ́ǹṣì. Mo di aṣọ wọn mú, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí alákòóso sọ ọ́. Wọ́n já ọwọ́ mi kúrò. Wọ́n wọlé lọ bá ìyá ọmọ náà, mo sì tẹ̀lé wọn. Wọ́n kúnlẹ̀ fún obìnrin tí wọ́n lè bí lọ́mọ.

"Èmi ni mo sè é," ni wọ́n wí. "Mi ò ní imú. Mo mọ̀ pé mi ò ní, mo sì ń se oúnjẹ fún ọmọ yín."

Ìyá náà kò bú wọn. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde," ó sì yí ojú padà sí ọmọ rẹ̀.

Ọjọ́ méjì la fi lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Kò sẹ́ni tó ní ká wá, kò sẹ́ni tó ní ká lọ. Màmá mi kò jẹun. Mo ra tíì fún wọn, ó tutù lọ́wọ́ wọn. Ní ọ̀sán Sátidé ni ọmọ náà béèrè omi, ó mu ún, omi náà sì dúró nínú rẹ̀. Wọ́n gbé e kọjá níwájú wa nígbà tí wọ́n ń lọ sílé. Bàbá rẹ̀ kò wo apá ọ̀dọ̀ wa. Mi ò lè dá a lẹ́bi.

Alákòóso wá sí ilé wa ní ọjọ́ Ajé. Ó ti fi ilé ẹran dídì náà sílẹ̀. Ó sunkún kó tó sọ ohun tó bá wá, pé iṣẹ́ ti parí. Màmá mi ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Nígbà tó lọ tán, wọ́n jókòó, mo sì ń retí kí wọ́n ṣubú lulẹ̀.

"Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Láti ọjọ́ yìí wá, bí ọmọ kan bá ti di ikùn mú, àyà mi á ti já."

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ Kugbo fún wọn. Mo sọ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo fi di nọ́ńbà náà mú láì tẹ̀ ẹ́, mo ní bóyá nínú ìṣẹ́jú yẹn ni wọ́n bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ kékeré. Mo rò pé wọ́n á ní kí n má dá ara mi lẹ́bi, bí ìyá ṣe máa ń sọ.

Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ wọn méjèèjì síwájú, wọ́n ń wò ó.

"Nígbà tí mò ń fọ̀ ọ́," ni wọ́n wí, "ó ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fi omi ṣan án lẹ́ẹ̀kan, ó ṣì ń yọ̀. Mo tún ṣan án. Mo wá sọ fún ara mi pé, ọmọ mi ti ní ó dára."